Fóònù Tí Kò Gba Iná Dáadáa: Bí A Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Wáyà, Orí Ṣájà, Ihò Fóònù Tàbí Bátìrì Ló Bàjẹ́

Bí fóònù bá lo odidi òru lórí iná tí kò sì ju 40% lọ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n ra ṣájà mìíràn, bí ìyẹn kò bá sì yanjú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á gbà pé bátìrì ló ti kú. Mo ti rí fóònù tí wọ́n pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdọ̀tí tó ki síbẹ̀ ló fa gbogbo wàhálà náà.

Ibi mẹ́rin ni iná ń gbà kọjá kí fóònù tó lè tọ́jú rẹ̀. Ó ń ti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì wọ inú orí ṣájà, ìyẹn àpótí kékeré tó ń sọ iná ilé di iná kékeré tí fóònù lè gbà. Láti ibẹ̀ ó ń gba inú wáyà dé ihò tó wà nísàlẹ̀ fóònù, ihò náà ló sì ń fà á lé àwọn ẹ̀yà inú tó ń darí rẹ̀ lọ sínú bátìrì. Àléébù tó bá wà ní ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ ti èkejì lójú, nítorí pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń fi hàn: iná kò wọlé tó. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé kí a máa pààrọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí a fi ìyókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí a sì wọn ohun tó yí padà. Ẹni tó bá pààrọ̀ wáyà àti orí ṣájà pọ̀, tí fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná, kò tíì mọ èyí tó bàjẹ́ nínú méjèèjì.

Kọ́kọ́ wọn bí ìlọ́ra náà ṣe tó

Kí a sọ pé fóònù ń lọ́ra kò tó, nítorí ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín wáyà kan àti òmíràn. Jẹ́ kí bátìrì lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 20%. Ki orí ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, má ṣe lo ti kọ̀ǹpútà tàbí ti pawabáńkì, kí o sì rí i dájú pé sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ń gbé nǹkan mìíràn ṣiṣẹ́. Pa ojú fóònù, fi í sí ipò ọkọ̀ òfuurufú kí ó má baà máa wá ìsopọ̀ kiri, kí o sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìfọwọ́kàn án. Kọ iye tó wà níbẹ̀rẹ̀ àti iye tó wà lópin sílẹ̀. Má ṣe wọn nǹkan kan nígbà tí bátìrì bá ti kọjá 80%, nítorí pé láti àyíká ibẹ̀ ni fóònù fúnra rẹ̀ ti máa ń dín iná tó ń gbà kù kí bátìrì má baà bàjẹ́. Ìlọ́ra ìparí yẹn kì í ṣe àìsàn. Àwọn fóònù mìíràn tilẹ̀ ní ètò kan tó ń dá wọn dúró ní 80% pátápátá, ó sì yẹ kí a wo inú `Settings` bóyá ẹnìkan ti tan ètò náà láìmọ̀.

Kí òǹkà yìí tó lè sọ nǹkan fún wa, a ní láti mọ iye tó yẹ kó wọlé. Wo ara orí ṣájà, wàá rí ìlà kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ `OUTPUT` sí, bóyá `OUTPUT: 5V 2A`. Fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ sọ èkejì di púpọ̀: fóólítì 5 lọ́nà áńpíà 2 jẹ́ wáàtì 10. Bátìrì tí wọ́n kọ `5000 mAh` sí lára ń gba nǹkan bíi wáàtì 19 fún wákàtí kan kí ó tó kún láti òfo. Nítorí náà, wáàtì 10 fún ìdajì wákàtí yẹ kó gbé e sókè ní nǹkan bí 20% sí 25%, lẹ́yìn tí a bá ti yọ díẹ̀ tó ń bá ooru lọ kúrò.

Nọ́ńbà kan wà tí mo fẹ́ kí o di mú, nítorí pé yóò máa padà wá: ìdajì áńpíà. Iye yìí ni ihò kọ̀ǹpútà ti àtijọ́ lè fún fóònù, ó sì jẹ́ wáàtì 2.5 péré. Bí fóònù kò bá dá ohun tí wọ́n so ó mọ́ mọ̀, ìdajì áńpíà yìí ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà, kí wọ́n má baà fa iná ju ohun tí ẹni tó ń fún wọn lè gbé lọ. Pẹ̀lú bátìrì 5000 mAh, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 5% sí 6% láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, odidi òru kò sì ní tó o láti kún bí fóònù bá ń ṣiṣẹ́ lórí iná. Bí ìwọ̀n tìrẹ bá sún mọ́ 5%, ó ṣeé ṣe kí iná máa dé, kí ó jẹ́ pé fóònù ni kò gbà gbọ́ pé ṣájà ló wà níwájú òun. Bí ó bá sún mọ́ 20%, kò sí nǹkan tó ṣe é, àfi bí orí ṣájà bá kéré fún un. Ojú ọ̀pọ̀ fóònù Áńdírọ́ìdì tilẹ̀ máa ń kọ `Charging slowly` nígbà tí iná tó ń wọlé bá kéré, ṣùgbọ́n kò ní sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Tún ìwọ̀n náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú fóònù tí a pa pátápátá. Bí ó bá lọ́ra nígbà tó wà ní títàn, ṣùgbọ́n tó yára nígbà tí a pa á, ohun kan nínú fóònù ló ń jẹ iná náà bó ṣe ń wọlé, o kò sì nílò láti fọwọ́ kan wáyà. Bí ó bá lọ́ra lọ́nà méjèèjì, tẹ̀ síwájú.

Wáyà

Yá wáyà kan tó o mọ̀ pé ó dára. Kì í ṣe èyí tí olówó rẹ̀ fẹnu yìn ni mo ń sọ, bí kò ṣe èyí tó ti gbé fóònù mìíràn sókè dáadáa lójú rẹ. Lo orí ṣájà kan náà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kí o sì tún ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣe. Bí òǹkà bá fò sókè láti 5% sí 22%, wáyà rẹ ló bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ó yẹ kí a mọ bí wáyà ṣe ń bàjẹ́, nítorí pé èyí tó ń dáni láàmú jù kì í kú pátápátá. Nínú wáyà tó wọ́pọ̀, tínínrín mẹ́rin ló wà: méjì tó nípọn ń gbé iná, méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbé ìròyìn. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé iná bá já, fóònù kò ní gba iná rárá, tàbí kí ó máa gbà á nígbà tí a bá tẹ wáyà sí apá kan nìkan, pàápàá níbi ọrùn tó ti sábà máa ń tẹ̀. Èyí rọrùn láti mọ̀. Bí àwọn tó ń gbé iná bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tí wáyà náà sì gùn, apá kan nínú iná á di ooru lọ́nà kí ó tó dé, fóònù á sì máa gba èyí tó kù. Ìdí nìyí tí wáyà gígùn olówó pọ́ọ́kú fi sábà máa ń lọ́ra ju kúkúrú lọ, bí ẹnu méjèèjì tilẹ̀ jọra.

Irú kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Àwọn tínínrín tó ń gbé ìròyìn yẹn kì í ṣe fún àwòrán àti orin nìkan. Ara wọn ni fóònù fi ń wádìí bóyá orí ṣájà ni wọ́n so ó mọ́ tàbí kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já, iná á ṣì máa wọlé, àmì ṣáàjì á ṣì máa hàn, ṣùgbọ́n fóònù á padà sí ìdajì áńpíà rẹ̀. Láti mọ̀ ọ́n, so fóònù náà mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà tí ò ń fura sí. Bí fóònù bá ń gba iná ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà kò rí i rárá, tí kò sì béèrè bóyá kí ó ṣí àwọn fáìlì, ti ìròyìn ni kò ṣiṣẹ́. Kí o tó dá wáyà lẹ́bi, fi wáyà kejì ṣe é, nítorí pé àwọn wáyà kan wà tí wọ́n ṣe láìní tínínrín ìròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí fóònù náà pẹ̀lú wáyà méjì tó dára, ihò fóònù ni kí o máa fura sí.

Orí ṣájà

Èyí kò gba àkókò. Fi wáyà tó dára yẹn gbé fóònù mìíràn sórí orí ṣájà rẹ, kí o sì wọn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí fóònù kejì náà bá lọ́ra, orí ṣájà ló ṣẹ̀. Bí ó bá yára, orí ṣájà kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní ìbàjẹ́ tí kì í ṣe ìbàjẹ́. Orí ṣájà tó ń yára ní ìlà míì lára, bíi `9V 2A`, èyí tó jẹ́ wáàtì 18. Kí iná tó lè gòkè dé fóólítì 9, orí ṣájà àti fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan. Bí èdè wọn bá yàtọ̀, bíi kí orí ṣájà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan tí fóònù sì jẹ́ ti òmíràn, wọ́n á dúró sí fóólítì 5, nǹkan á sì lọ́ra ju bí a ṣe retí lọ láìsí ohun tó bàjẹ́.

Orí ṣájà tó ń gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, tó ń rùn bí ohun tó jó, tàbí tó ti là lára, kí a yọ ọ́ kúrò lára ògiri, kí a má sì lò ó mọ́. Má ṣe tú u láti tún un ṣe. Iná ilé gan-an ló wà nínú rẹ̀, ó lè pa ènìyàn, ó sì ṣì lè gbé ènìyàn kódà lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́.

Ihò fóònù

Ibí ni mo gbà pé ó yẹ kí ènìyàn ti kọ́kọ́ wò, nítorí pé kò náni ní kọ́bọ̀, òun ló sì ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù. Fóònù tó ń gbé inú àpò máa ń kó eruku àti òwú aṣọ. Nígbàkúùgbà tí a bá ki wáyà bọ̀ ọ́, ẹnu wáyà náà ń tẹ ìdọ̀tí ọ̀hún wọ ìdí ihò, títí yóò fi ki bíi pátákó pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu wáyà kò lè wọlé dé ìdí mọ́.

Bí èyí ṣe ń fa ìlọ́ra dípò kí ó pa iná pátá ni pé àwọn ojú irin tó ń gbé iná nínú ẹnu wáyà gùn ju àwọn tó ń gbé ìròyìn lọ. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí iná lè kọ́kọ́ kan ara wọn kí ìròyìn tó dé. Nítorí náà, bí ìdọ̀tí bá dá ẹnu wáyà dúró kí ó tó wọlé tán, iná lè kan ara wọn nígbà tí ìròyìn kò kan ara wọn. Fóònù á wá rí iná tí kò mọ ibi tó ti wá, á sì gba ìdajì áńpíà rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ẹnu wáyà kò dún “kẹ́” mọ́ bó ṣe máa ń dún nígbà tó bá wọlé tán, ó ń yọ bí a bá fọwọ́ kan fóònù, àlàfo díẹ̀ sì ń ṣẹ́ kù láàárín rẹ̀ àti ara fóònù, èyí tí a kò rí nígbà tí a bá fi wáyà kan náà sínú fóònù mìíràn. Kí o sì tó gbà pé ìdọ̀tí ni, yọ àpò fóònù kúrò, nítorí pé àpò tó nípọn lè ṣe ohun kan náà.

Láti fọ̀ ọ́, yọ wáyà, kí o sì pa fóònù. Fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò náà. Mú igi ìtayín tí o ti fi ọ̀bẹ pẹ́ orí rẹ̀ kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, kí o sì máa fi rọra wú ìdọ̀tí náà láti ìdí ihò wá sí ìta, láti apá kan dé apá kejì. Bí ihò rẹ bá jẹ́ ti irú tuntun tó rí bí ẹyin gbọọrọ, ahọ́n pẹlẹbẹ kan wà láàárín rẹ̀ tí àwọn ojú irin wà lára rẹ̀. Máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, má ṣe tì í, nítorí pé bí ó bá ṣẹ́, pípààrọ̀ ihò ló kù. Má ṣe lo abẹ́rẹ́ tàbí irin kankan. Má sì ṣe fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, nítorí pé ìrì ẹnu á wọ ibi tí a kò fẹ́ kí omi dé. Bí o bá rí ohun tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ewé lára àwọn ojú irin, omi ti jẹ wọ́n. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí a fi sípíríìtì díẹ̀ tọ́ lè mú èyí tó fúyẹ́ kúrò, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí a tó fi iná sí i; èyí tó ti jẹ irin náà tán kò ní kúrò.

Bí fóònù bá sọ fún ọ pé omi wà nínú ihò òun, gbà á gbọ́. Gbé e dúró kí ihò náà kọjú sílẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ wà, má ṣe fi iná sí i kí ìkìlọ̀ náà tó lọ, má sì ṣe lo iyọ̀, ìrẹsì tàbí ohun gbígbóná.

Fóònù àbúrò mi fi gbogbo èyí hàn pọ̀. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5000 mAh, orí ṣájà rẹ̀ jẹ́ `5V 2A`, ó sì ń gba òru méjì kí ó tó kún. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ gbé e láti 21% dé 26%. Mo pa fóònù náà, mo tún un wọn, ó gòkè ní 6%. Mo fi wáyà tèmi sí i, ó tún jẹ́ 6%, torí náà mo dá wáyà rẹ̀ láre. Mo fi orí ṣájà rẹ̀ gbé fóònù tèmi, ó gbé e sókè ní 22%, orí ṣájà náà bọ́ nínú ẹ̀sùn. Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, bátìrì ni o, ó ti lé ní ọdún mẹ́ta.” Mo so fóònù náà mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà tèmi: ó ń gba iná, kọ̀ǹpútà kò sì rí i. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe bátìrì, nítorí pé bátìrì kò lè dí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ láti rí fóònù. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò náà, n kò rí nǹkan kan, àfi ìdí rẹ̀ tó ní àwọ̀ eérú tí mo kọ́kọ́ rò pé ara fóònù ni. Igi ìtayín yọ ọ́ jáde ní pelebe bí ìpẹ́ ẹja. Nígbà tí mo tún ki wáyà bọ̀ ọ́, ó dún, kọ̀ǹpútà rí i, ìwọ̀n tó tẹ̀ lé e sì gòkè láti 24% dé 47%.

Bátìrì

Bátìrì ni mo fi kẹ́yìn, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn ń retí lọ́dọ̀ bátìrì tó gbó yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe. Bátìrì tó ti gbó kì í sábà lọ́ra láti kún. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń tètè kún, nítorí pé àyè inú rẹ̀ ti dín kù, tí á sì tètè tán bákan náà. Àmì rẹ̀ ni pé òǹkà rẹ̀ ń fò, bíi kí ó wà ní 35% kí fóònù sì kú lójijì nígbà tí a bá ṣí kámẹ́rà, kí ó sì tún padà fi 30% hàn nígbà tí a bá so ó mọ́ iná. Bí ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rẹ bá dára ṣùgbọ́n tí fóònù ń kú báyìí, bátìrì ni.

Ohun méjì mìíràn ń mú kí bátìrì tó dára kọ iná. Àkọ́kọ́ ni ooru àti òtútù: bí bátìrì bá gbóná tó nǹkan bí 45°C, tàbí tó tutù ju 0°C lọ, fóònù á dín iná kù tàbí kí ó dá a dúró. Gbé e kúrò nínú oòrùn tàbí lábẹ́ ìrọ̀rí, yọ àpò rẹ̀, kí o sì dúró kí ó padà sí bó ṣe yẹ. Èkejì ni bátìrì tó ti tán pátápátá tó sì ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Irú rẹ̀ lè má fi àmì kankan hàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé iná tín-ín-rín ni a kọ́kọ́ ń fún un. So ó mọ́ ṣájà tó o ti mọ̀ pé ó dára, má tẹ bọ́tìnì kankan, kí o sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan kí o tó sọ pé ó ti kú.

Bí ẹ̀yìn fóònù bá ti ń là, tí ojú rẹ̀ ń gbéra sókè, tàbí tí fóònù ń mì nígbà tí a bá gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú, bátìrì ti wú. Dá gbogbo ìdánwò dúró. Yọ ọ́ lórí iná, pa á, má tẹ̀ ẹ́ padà, má gún un, kí o sì gbé e lọ bá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbiná.

Bí fóònù rẹ bá jẹ́ irú tó lè gba iná láìlo wáyà, ìdánwò kan ṣoṣo lè yà ihò àti bátìrì sọ́tọ̀. Gbé e sórí pátákó ìṣáàjì rẹ̀. Bí ó bá ń gòkè déédéé níbẹ̀ ṣùgbọ́n tó kọ iná láti inú wáyà, bátìrì dára, ihò ló bàjẹ́. Bí ó bá kọ méjèèjì, ó di ti bátìrì tàbí ti ẹ̀yà inú fóònù tó ń darí iná, kò sì sí ohun tí a lè fi ojú rí tó lè ya àwọn méjì yẹn sọ́tọ̀ láìtú fóònù.

Nígbà tí o bá wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe, má ṣe sọ pé “kò gba iná” nìkan. Fún un ní àwọn òǹkà rẹ: iye tó gòkè pẹ̀lú wáyà méjì, iye tí orí ṣájà náà gbé fóònù mìíràn sókè, bóyá kọ̀ǹpútà rí i, àti pé o ti fọ ihò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ihò ló bàjẹ́, bi í bóyá orí pátákó kékeré tó dá dúró ni ihò náà wà nínú irú fóònù tìrẹ tàbí orí pátákó ńlá. Èyí tó dá dúró ṣeé yọ kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí tó wà lórí pátákó ńlá gba jíjó irin mọ́ irin, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nìkan ni kí o fi í lé.